100% Tí Kò Pé: Iná Inú Bátìrì Yàtọ̀ sí Ìlera Bátìrì

Nọ́ńbà méjì ni gbogbo bátìrì fóònù àti ti láàpútọ́ọ̀pù máa ń ní, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló máa ń hàn ní igun ojú ẹ̀rọ. Èyí tó ń hàn ni iye iná tó wà nínú bátìrì lọ́wọ́lọ́wọ́. Èyí tó fara pamọ́ ni ìlera rẹ̀: iye iná tó ṣì lè gbà bó bá kún dé ẹnu, tí a bá fi wé iye tó ń gbà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá lọ ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí ẹni tó ń tà á yọ ṣájà tó sì fi 100% hàn yín, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ rí. Èkejì ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ náà yóò bá yín ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún tàbí fún ogójì ìṣẹ́jú bí Nẹ́pà bá mú iná lọ.

Ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n

Ẹ wo àmù tí iyanrìn ń rọra tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè pọn omi sí i títí yóò fi kún dé ẹnu, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò kún. Síbẹ̀, omi inú rẹ̀ kò tó èyí tó ń gbà lọ́dún tí ẹ rà á. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì lítíọ́mù ṣe ń darúgbó. Bí a ṣe ń ṣáàjì rẹ̀ tí a sì ń lò ó, apá kan lára lítíọ́mù tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ ń há sínú ìpele kan tó ń dì mọ́ inú bátìrì, kò sì ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìṣirò méjèèjì nìyí:

```
iná tó wà (%) = iná tó kù ÷ iná tó lè kún báyìí × 100
ìlera (%)     = iná tó lè kún báyìí ÷ iná tó lè kún ní tuntun × 100
```

Ohun tí a fi ń pín ni kí ẹ fọkàn sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń fi ohun tó ń dín kù pín, ìdí nìyẹn tó fi máa ń padà sí 100% ní gbogbo ìgbà tí bátìrì bá kún, bó ti wù kó gbó tó. Nítorí náà, 50% lórí bátìrì tuntun àti 50% lórí bátìrì tó ti lo ọdún mẹ́rin kì í ṣe iye iná kan náà rárá.

Bí ẹ ṣe máa rí ìlera láàpútọ́ọ̀pù

Lórí Windows, kò sí ohun tí ẹ nílò láti fi kún un. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ `cmd`, ẹ ṣí i, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport /output C:\Users\Public\batiri.html
```

Ẹ ṣí fáìlì `batiri.html` nínú fódà `C:\Users\Public`. Lókè pátápátá, lábẹ́ `Installed batteries`, ẹ ó rí ìlà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì. `DESIGN CAPACITY` ni iye tí ilé iṣẹ́ sọ pé bátìrì náà máa gbà ní tuntun. `FULL CHARGE CAPACITY` ni iye tó lè gbà báyìí. `CYCLE COUNT` ni iye ìyípo tó ti ṣe. Ìyípo kan ni kí a lo iná tó tó 100% lápapọ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí 50% lónìí àti 50% lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan fi èyí hàn:

```
DESIGN CAPACITY        50,000 mWh
FULL CHARGE CAPACITY   31,000 mWh
CYCLE COUNT            611
```

Ẹ fi 50,000 pín 31,000, ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 62%. Ìlera bátìrì náà nìyẹn. Láti mọ ohun tó túmọ̀ sí ní wákàtí, ẹ nílò iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Láàpútọ́ọ̀pù kékeré tí a fi ń kọ̀wé, tí a sì ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, sábà máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 8 sí 12. 31,000 mWh jẹ́ wáàtì-wákàtí 31, nítorí náà bó bá ń jẹ wáàtì 10, bátìrì wa yìí yóò gbé e fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó wà ní tuntun, wákàtí 5 ni. Nígbà tí igun ojú ẹ̀rọ bá sọ pé 50% kù, 15,500 mWh péré ló wà níbẹ̀, kì í ṣe 25,000.

Ẹ má ṣe kúrò lórí ìjábọ̀ náà láìwo apá tó ń jẹ́ `Battery capacity history`. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí `FULL CHARGE CAPACITY` ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bátìrì tó dúró lórí 62% fún oṣù mẹ́fà sàn ju èyí tó wà lórí 75% lónìí ṣùgbọ́n tó ti já wálẹ̀ láti 90% láàárín oṣù méjì. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ náà, ìtàn yẹn á ti pa rẹ́.

Lórí Mac, ẹ ṣí Terminal kí ẹ tẹ `system_profiler SPPowerDataType`. Ẹ wo `Cycle Count`, `Condition` àti `Maximum Capacity`. Lórí Linux, `upower -d` yóò fi `energy-full` àti `energy-full-design` hàn, ìṣirò kan náà sì ni. Ẹ má bẹ̀rù bí bátìrì tuntun bá fi 102% hàn: ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bí nọ́ńbà náà bá ń parọ́

Kì í ṣe Windows ló wọn bátìrì. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú páàkì bátìrì fúnra rẹ̀ tó ń ka iná tó ń wọlé àti iná tó ń jáde, òun náà ló sì ń sọ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn fún ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú páàkì tàbí tó tún ṣíìpù yẹn kọ, ìjábọ̀ náà lè dára ju bátìrì lọ. Ẹ fura bí ẹ bá rí láàpútọ́ọ̀pù ọlọ́dún márùn-ún tí `FULL CHARGE CAPACITY` rẹ̀ bá `DESIGN CAPACITY` mu láìyàtọ̀, tí `CYCLE COUNT` sì jẹ́ 0. Ó lè jẹ́ pé bátìrì tuntun ni lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ṣíìpù kò tíì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ gba àkókò ìdápadà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé 100%, ẹ yọ ṣájà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù dé ìdajì, ẹ wá jẹ́ kó máa ṣe fídíò kan tó wà lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún tẹ àṣẹ `powercfg` yẹn, kí ẹ wo apá `Recent usage`, níbi tí ìdá iná tó kù àti mWh wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, bó bá bọ́ láti 100% sí 68% ní wákàtí kan, 32% lára 31,000 ni ẹ̀rọ náà jẹ, ìyẹn 9,920 mWh. Ó bá wáàtì 10 tí a fojú bù mu, nítorí náà ìjábọ̀ náà jọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ìdajì òkè bátìrì kì í tú àṣírí tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Bátìrì tó ní ìlera máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà títí dé nǹkan bí 5%. Èyí tí ìjábọ̀ rẹ̀ parọ́ yóò rìn dáadáa dé 40%, yóò fò sí 12%, tàbí kí ó kàn kú. Bí ẹ bá ní wákàtí méjì mìíràn, ẹ jẹ́ kó lọ títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò mìíràn tó dá mi lójú tó èyí.

Bátìrì tó ń kú lórí 25%

Ìlera kì í ṣe bí bátìrì ṣe ń gbà tó nìkan. Ohun kejì tó máa ń gbó nínú rẹ̀ ni agbára láti tú iná jáde kíákíá. Bí bátìrì ṣe ń dàgbà, ìdènà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdènà yìí sì máa ń jẹ lára fólítì rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ mú fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3.7 fólítì nígbà tí iná rẹ̀ kù sí 25%. Kámẹ́rà ṣí, fíláàṣì tàn, fóònù béèrè ámpíà 2. Bí ìdènà inú bátìrì bá jẹ́ 0.1 óòmù bíi ti tuntun, 0.2 fólítì ló máa sọnù, 3.5 ló máa kù, iṣẹ́ ń lọ. Bí ìdènà náà bá ti di 0.3 óòmù, 0.6 fólítì ló sọnù, 3.1 ló kù. Bí a bá ṣe fóònù náà pé kó pa ara rẹ̀ ní nǹkan bí 3.3 fólítì, yóò kú lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn iPhone kan nìyẹn kí Apple tó gbé iOS 10.2.1 jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ohun tí sọ́fítíwia yẹn ṣe ni pé ó dín ìyára fóònù kù kí ó má baà béèrè iná tí bátìrì ògbólógbòó kò lè fún un. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún àwọn oníbàárà, ó sì tọrọ àforíjì ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó dín owó ìpààrọ̀ bátìrì kù láti 79 dọ́là sí 29 dọ́là, ó sì fi ojú ewé ìlera bátìrì sínú iOS 11.3 ní ọdún 2018. Ẹ̀kọ́ tó wúlò níbẹ̀ fún ẹni tó ń ra fóònù: fóònù tó ń lọ́ra jọjọ lè jẹ́ pé bátìrì nìkan ló ń ṣe é.

Bí fóònù yín bá kú lórí 25%, ẹ so ó mọ́ ṣájà, ẹ tan án padà kíákíá, kí ẹ wo nọ́ńbà tó bá gbé wá. Bó bá tún sọ 20% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n bátìrì kò lágbára láti tú u jáde: ìdènà inú ló pọ̀, bátìrì tuntun ló kù. Bó bá sọ 1% tàbí 2%, bátìrì ti gbẹ lóòótọ́, ṣíìpù ló ka iná náà ní àṣìṣe: ẹ lè kọ́kọ́ gbìyànjú àtúntò tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ṣìkágò, ẹ rántí pé òtútù náà máa ń mú ìdènà inú pọ̀ sí i. Fóònù tó kú níta ní oṣù kìn-ín-ní, tó sì jí nígbà tí ẹ wọlé tó gbóná, kò fi hàn pé ìlera rẹ̀ ti lọ.

Bí ẹ ṣe máa rí ìlera fóònù

iPhone rọrùn: ẹ lọ sí `Settings`, `Battery`, `Battery Health`, kí ẹ wo `Maximum Capacity`. Apple ṣe bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kí ó ṣì wà lórí 80% lẹ́yìn ìyípo 500. Láti iPhone 15 lọ, ó di ìyípo 1,000, fóònù náà sì ń fi iye ìyípo hàn.

Ọ̀pọ̀ Android kì í fi nọ́ńbà hàn, wọ́n á kàn sọ fún yín pé bátìrì dára. Ẹ lè fi kọ̀ǹpútà bi í. Ẹ lọ sí `About phone`, ẹ tẹ `Build number` nígbà méje, ẹ ṣí `Developer options`, ẹ tan `USB debugging`, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní `adb`, irinṣẹ́ Google tí a fi ń pàṣẹ fún Android láti orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ:

```
adb shell dumpsys battery
```

Nínú ohun tó máa jáde, ẹ wá ìlà méjì yìí:

```
Charge counter: 2310000
level: 66
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iná tó kù, ṣùgbọ́n ẹ fi 1,000 pín in kí ó tó di mAh: 2,310. Fóònù sọ pé 66% nìyẹn. Ẹ fi 0.66 pín 2,310, ẹ ó rí 3,500 mAh, ìyẹn iye tó lè gbà bó bá kún. Bí wọ́n bá kọ 5,000 mAh sára fóònù náà nígbà tó wà ní tuntun, ìlera rẹ̀ jẹ́ 70%. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí iná bá wà ní nǹkan bí 80% àti nígbà tó bá wà ní 30%. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 5,000 gẹ́lẹ́ nígbà méjèèjì lórí fóònù tó ti lo ọdún mẹ́ta, fóònù náà kò wọn nǹkan kan, ó kàn ń ṣe ìṣirò láti inú nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Ẹ má gbára lé e. Nígbà yẹn, áàpù AccuBattery lè ràn yín lọ́wọ́, ó ń ka iná tó ń wọlé bí ẹ ṣe ń ṣáàjì. Ẹ jẹ́ kó kà á láti ìsàlẹ̀ 20% dé òkè 80%, ó kéré tán nígbà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ.

Àtúntò: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Láàárín nǹkan bí 30% sí 70%, fólítì bátìrì lítíọ́mù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà ṣíìpù kò lè wo fólítì kí ó mọ ibi tó wà. Kíkà ló ń kà, àṣìṣe kéékèèké sì ń kó jọ. Ìgbà tí bátìrì bá kún dé ẹnu tàbí tó fẹ́ gbẹ ni fólítì máa ń sọ òtítọ́ tó ṣe kedere. Ẹni tó ń lo láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ láàárín 40% sí 80% fún oṣù mẹ́fà, ṣíìpù rẹ̀ lè ti ṣìnà nínú kíkà.

Bí a ṣe ń tún kíkà náà tò nìyí: ẹ ṣáàjì dé 100%, ẹ fi í sílẹ̀ sórí ṣájà fún wákàtí méjì sí i kí ó tutù. Ẹ yọ ọ́, ẹ lò ó títí yóò fi pa ara rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún láìtan án, nítorí ìgbà tí bátìrì bá sinmi ni fólítì rẹ̀ máa ń dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé 100% láìdá a dúró. Ẹ yan ọjọ́ tí iná kò ní lọ láàárín, tàbí kí ẹ lo ínfátà. Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù méjì mẹ́ta ti tó, torí gbígbẹ pátápátá fúnra rẹ̀ máa ń ṣe bátìrì ní ìpalára díẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ìlera lórí ìjábọ̀ lè gòkè láti 62% sí 66%, ó sì lè wálẹ̀ sí 57%. Bátìrì kò sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò burú sí i. Nọ́ńbà ló wá bá òtítọ́ mu. Kò sí áàpù, kò sí àtúntò, kò sì sí fírísà tó lè dá lítíọ́mù tó ti há padà. Bí bátìrì bá sì ti wú, tí pátákó ìfọwọ́tọ́ láàpútọ́ọ̀pù ń gòkè tàbí tí ojú fóònù ń ṣí kúrò lára férémù rẹ̀, ẹ má ṣe àtúntò kankan. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Ohun tó ń jẹ ìlera, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀

Ooru ló ń pa bátìrì jù nílẹ̀ wa, pàápàá ooru tó bá bátìrì ní 100%. Fóònù tó ń ṣáàjì lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn, àti láàpútọ́ọ̀pù tó wà lórí ṣájà tọ̀sán tòru lórí ibùsùn, àwọn wọ̀nyí ló ń yára gbó. Bí iná yín bá dúró dáadáa, ẹ tan ohun tó ń dá ṣáàjì dúró ní 80%. Ó wà nínú Lenovo Vantage, nínú `Settings` Samsung, àti lórí iPhone láti 15 lọ. Bí ẹ bá wà níbi tí iná ti ń wá fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, ẹ ṣáàjì dé 100% láìbẹ̀rù nígbà tí iná bá dé, ẹ ṣáà gbé e síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ kó pamọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ fi nǹkan bí 50% sínú rẹ̀. Èyí tí a kó pamọ́ pẹ̀lú 0% lè sọ̀ kalẹ̀ débi pé ṣíìpù ààbò kò ní jẹ́ kó gba ṣáàjì mọ́.

80% ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ṣe ààlà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ yín ló yẹ kó pinnu. Láàpútọ́ọ̀pù 62% tó ń sọ̀ kalẹ̀ déédéé, tó sì ń fún yín ní wákàtí mẹ́ta, ẹ lè rà á bí ẹni tó ń tà á bá yọ owó bátìrì tuntun kúrò lára iye rẹ̀. Fóònù 83% tó ń kú lórí 25%, bátìrì rẹ̀ ti tó pààrọ̀ lónìí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo iye `Wh` tàbí `mAh` tó wà lára èyí tí ẹ yọ. Bí bátìrì tó tóbi tó kan náà bá wá ní nọ́ńbà tó fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti ilé iṣẹ́ lọ, irọ́ ló wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi í sínú ẹ̀rọ, ẹ tún tẹ àṣẹ `powercfg` yẹn, kí ẹ pa ìjábọ̀ náà mọ́. Ẹ lò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ wá gba ìjábọ̀ mìíràn. Ṣíìpù á ti wá mọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nígbà yẹn. Bí `FULL CHARGE CAPACITY` bá ti já láti 50,000 sí 34,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú ìjábọ̀ méjèèjì dání padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín kí àkókò ìdápadà tó parí.